Ẹ má tíì ra bọ́ọ̀dù mìíràn: àṣìṣe àwọn tó ń kúwántáìsì módẹ́ẹ̀lì kámẹ́rà

Owó tí àwọn ọmọ Yaba ń gbé lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà ti ń bí mi nínú. Módẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí láptọ́ọ̀pù, wọ́n kúwántáìsì rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n sọ nọ́mbà inú rẹ̀ di odindi kékeré `int8` kó lè sáré lórí bọ́ọ̀dù Raspberry Pi, kò rí nǹkan kan mọ́, ni wọ́n bá ní bọ́ọ̀dù ni kò lágbára. Bọ́ọ̀dù wo? Bọ́ọ̀dù tí kò lágbára á pẹ́ kó tó dáhùn ni, kì í fọ́jú.

1. Fọ́tò tí ẹ fi ń wọn módẹ́ẹ̀lì nígbà kúwántáìsì, kó lè mọ bí nọ́mbà rẹ̀ ṣe ń kéré tó àti bí wọ́n ṣe ń tóbi tó, kámẹ́rà yín gan-an ni kó yà á: ti ọ̀sán, ti alẹ́, ti ọjọ́ òjò. 100 sí 500 ti tó. Ẹ yéé fi fọ́tò títì ìlú òyìnbó tó mọ́ roro wọn Ojúẹlẹ́gbá.

2. Bí ẹ bá pín písẹ́ẹ̀lì sí 255 nígbà tí ẹ ń kọ́ módẹ́ẹ̀lì, ẹ pín in bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n náà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

3. Èyí ló sú mi jù. Ọmọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá bá mi. Kámẹ́rà rẹ̀ ń ka dáńfó, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà. Nínú `float32`, ìyẹn kó tó kúwántáìsì, dáńfó tó dúró gbangba gba máàkì 0.91. Ó sọ ọ́ di `int8`, dáńfó pòórá. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti fa ààlà máàkì wálẹ̀ dé 0.05, kò sáà rí nǹkan kan." Ó ti tún módẹ́ẹ̀lì kọ́ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti san àsansílẹ̀ bọ́ọ̀dù tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ gba owó rẹ̀ padà ná.

Ẹ wo bó ṣe rí. Irú YOLO tó lò, módẹ́ẹ̀lì tó ń wá nǹkan nínú fọ́tò, máa ń kó gbogbo èsì sínú táńsọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn àkójọ nọ́mbà kan: ibi tí àpótí tó yí ọkọ̀ ká wà, láti 0 dé 640 ní písẹ́ẹ̀lì, àti máàkì irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 1. Síkéèlì kan, ìyẹn bí ìgbésẹ̀ láti nọ́mbà kan sí èkejì ṣe tóbi tó, ni gbogbo èsì yẹn sì jọ ń lò lẹ́yìn kúwántáìsì. `int8` ò ní ju àyè 256 lọ, ìgbésẹ̀ 255 ló sì wà láàárín wọn, nítorí náà 640 pín sí 255, ìgbésẹ̀ kan di bíi 2.51. Ohun tí kò bá tó ìdajì ìgbésẹ̀ yẹn, bíi 1.25, òdo ló ń dà. Máàkì tó ga jù láyé, 1 ni. Gbogbo máàkì bá di òdo, ti dáńfó, ti kẹ̀kẹ́, ti afẹ́fẹ́ lásán. Ìwọ̀n àpò ìrẹsì ni wọ́n fi ń wọn wúrà. Ẹ fa ààlà wálẹ̀ títí, òdo ò ní kọjá.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ gbé módẹ́ẹ̀lì TFLite yín sínú `interpreter`, kí ẹ tẹ èyí:

```python
d = interpreter.get_output_details()[0]
print(d['shape'], d['quantization'])
```

Bí ẹ bá rí nǹkan bíi `[1 7 8400] (2.51, -128)`, ẹ dúró níbẹ̀. 7 yẹn ni nọ́mbà mẹ́rin ti àpótí àti máàkì mẹ́ta, 2.51 ni ọ̀daràn. Bó bá jẹ́ `(0.0, 0)` lẹ rí, èsì ti padà sí float kó tó jáde, àmọ́ àrùn náà lè wà nínú síbẹ̀: ẹ tẹ máàkì fúnra wọn jáde, kí ẹ wò ó bóyá òdo ni gbogbo wọn.

Oògùn rẹ̀ ò gba kíkọ́ módẹ́ẹ̀lì lọ́tun. Ẹ pín nọ́mbà àpótí sí 640 nínú módẹ́ẹ̀lì gan-an, kó tó so mọ́ máàkì, lẹ́yìn náà kí ẹ kúwántáìsì. Gbogbo rẹ̀ á wà láàárín 0 sí 1, ìgbésẹ̀ á di bíi 0.0039, máàkì 0.91 á sì dúró. Tí èsì bá jáde, ẹ fi 640 sọ àpótí di púpọ̀ padà. Ará ilé mi ti gbọ́ 640 lẹ́nu mi ju orúkọ tiwọn lọ.

Àmọ́ àpótí á ṣì máa fò ní písẹ́ẹ̀lì bíi 2.5. Fún dáńfó, ta ló ń wò ó? Ẹni tó ń wá nọ́mbà ọkọ̀ láti òkèèrè ni yóò jìyà rẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ya máàkì àti àpótí sí èsì méjì, kálukú pẹ̀lú síkéèlì tirẹ̀, kí ó gé módẹ́ẹ̀lì kó tó dé ibi ìṣirò àpótí, kó sì fi float ṣe ìyẹn nínú kóòdù.

Ìkẹrin àbí ìkarùn-ún, mi ò kà á mọ́: ẹ wọn àkókò láti ojú kámẹ́rà dé èsì, kì í ṣe ti módẹ́ẹ̀lì nìkan.

Ooru ńkọ́? Inú àpótí irin lábẹ́ oòrùn lẹ gbé Pi sí, ẹ ń bínú pé ó ń sáré láàárọ̀, ó ń wọ́ lọ́sàn-án. Bó bá ti sún mọ́ 80°C ló ń dẹ ìsáré. Ẹ tẹ `vcgencmd get_throttled`. `throttled=0x0` ni ẹ ń wá. Bó bá jẹ́ `0x50005`, iná tó ń wọlé ò tó, ẹ̀rọ sì ti dẹ ìsáré: ẹ yọ ṣájà fóònù yẹn, kí ẹ fi ṣájà Pi gangan sí i.