Ẹ Jẹ́ Kí Omi Gbẹ Kí Ẹ Tó Ya Fọ́tò: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwa Tí A Ń Tún Iná Ọkọ̀ Ṣe

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífọ ọkọ̀ ní Tanke, nílùú Ìlọrin níbí, na fóònù rẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iná iwájú Corolla kan ló yà. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, iná náà pọ́n bí omi àgbo. Nínú ìkejì, ó mọ́ kedere débi pé èèyàn ń rí gílóòbù inú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé, "Ó ti di tuntun títí láé." Mo ní kó fẹ fọ́tò náà kó tóbi. Omi ṣì wà lára iná ọ̀hún, ẹ̀kán kan sì ń ṣàn lọ sórí bọ́ńpà. Ó ti fi owó ra dátà láti fi polówó rẹ̀, ó sì ti ra iná róbótó onísítáńdì tí àwọn aṣaralóge fi ń ya ara wọn. Ọkàn mi bàjẹ́, torí mo mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a.

Ó ti bá èmi náà rí. Ní ọdún kejì tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ya iná Camry kan bí mo ṣe fi omi ṣan ìdọ̀tí sáńpépà kúrò lára rẹ̀ tán, mo gbé e sí sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù. Alhaji kan ní Gáà Akanbi rí i, wọ́n gbé ọkọ̀ tiwọn wá, wọ́n san 15,000 náírà. Mo ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe nígbà náà: sáńpépà, kọ́ńpáùn, wáàsì díẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ kò dé ibi tí fọ́tò mi wà. Alhaji dúró síwájú ọkọ̀, wọ́n na fóònù sí mi, wọ́n ní, "Alfa, èyí tí mo rí níbí ni mo sanwó fún." N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo dá ìdajì owó wọn padà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n fi fọ́tò iná náà ránṣẹ́ sí mi. Ó ti pọ́n padà. Wọn kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tì í.

Nítorí náà, ẹ má bínú bí ohùn mi bá le díẹ̀.

Àṣìṣe kìíní: yíya iná tó tutù

Ohun tí à ń pè ní gíláàsì iná yìí kì í ṣe gíláàsì. Rọ́bà líle ni, pọlikábónéètì lorúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fi kílíà líle kan bò ó kí oòrùn má bàa jẹ ẹ́. Bí oòrùn bá ti ń pa á lọ́dún dé ọdún, kílíà yẹn á gbó, á pọ́n, á máa ṣí. Èyí ni à ń fi sáńpépà ha kúrò.

Sáńpépà máa ń fi ìlà tínínrín-tínínrín sílẹ̀ lára rọ́bà náà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí àwọn ìlà yẹn á fọ́n káàkiri, ìdí nìyẹn tí iná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ha fi máa ń funfun bí ẹni pé èéfín wà nínú rẹ̀. Ẹ wá da omi sí i. Omi á kún inú àwọn ìlà náà, ojú rẹ̀ á tẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ á kọjá tààrà, gílóòbù á sì hàn ketekete. Ẹ̀yin ò tíì ṣe nǹkan kan. Omi ló ṣe é, bó bá sì gbẹ, funfun yẹn á padà.

Ẹ dán an wò lára iná àlòkù kan. Ẹ fi sáńpépà 1500 ha á, ẹ da omi sí i, ẹ wò ó, lẹ́yìn náà ẹ fi tówẹ̀lì nù ún, kí ẹ tún un wò. Ẹ ò ní ya fọ́tò iná tútù mọ́.

Òróró àti wáàsì náà ń ṣe bákan náà, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ìtànjẹ tiwọn ń pẹ́ ju ti omi lọ. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù ni ti àwọn tó ń fi oògùn ẹ̀fọn tí à ń fi para nu iná. Kẹ́míkà kan wà nínú àwọn kan lára wọn, DEET lorúkọ rẹ̀, tó ń yọ́ ojú rọ́bà. Iná á dán níwájú kámẹ́rà lóòótọ́, torí pé ojú rẹ̀ ti yọ́ mọ́ra. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó lè fọ́ wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ odò tó gbẹ nígbà ọyẹ́, bó bá sì kán sára ọ̀dà ọkọ̀, ó lè ba ọ̀dà náà jẹ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Bí mo bá parí iṣẹ́, mo máa ń po sípíríìtì mọ́ omi, mo máa ń fi tówẹ̀lì tó mọ́ nu iná náà kí òróró kọ́ńpáùn lè kúrò, n ó sì dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ ibòji. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ mi. Òun ni mò ń yà. (Kí ẹ tó fọ́n kílíà tuntun ni ẹ ó nù ún báyìí o. Ẹ má fi sípíríìtì kan kílíà tí kò tíì le.)

Àṣìṣe kejì: ìmọ́lẹ̀ méjì

Ẹ̀ ń ya ti ṣáájú ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti pọ́n. Ẹ wá ń ya ti lẹ́yìn ní ọ̀sán gangan. Kódà bí ẹ ò bá fọwọ́ kan iná yẹn rárá, fọ́tò kejì á funfun ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà ọyẹ́ tí eruku bo gbogbo Ìlọrin, ìmọ́lẹ̀ máa ń yí láàárín wákàtí kan péré.

Fóònù náà ò dákẹ́. Ó máa ń fúnra rẹ̀ pinnu bí fọ́tò ṣe máa mọ́lẹ̀ tó. Lórí áífóònù, ẹ fi ìka tẹ iná ọkọ̀ lójú fóònù, kí ẹ má gbé e kúrò títí `AE/AF LOCK` á fi hàn. Ọ̀pọ̀ Áńdíróìdì náà ní irú rẹ̀, àwòrán kọ́kọ́rọ́ kékeré ló máa ń hàn lórí wọn. Ìyẹn á mú kí ìmọ́lẹ̀ dúró sójú kan, àmọ́ bí ẹ bá ti kámẹ́rà pa, ó ti tú nìyẹn.

Ẹ má tan iná ọkọ̀ nínú fọ́tò kejì tí ẹ ò bá tàn án nínú àkọ́kọ́. Gílóòbù tó ń tàn máa ń bo èéfín tó kù lójú rẹ̀.

Iná róbótó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, owó tó ṣòfò ni. Òjìji róbótó ló máa hàn lára iná ọkọ̀, á sì bo ibi tí ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ wá fẹ́ wò gan-an.

Ìdajì-ìdajì

Èyí kì í ṣe àṣìṣe gan-an, àìmọ̀ rẹ̀ ni àṣìṣe. Ọmọkùnrin Tanke yẹn sọ pé òun ò lè rí ìmọ́lẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ló sọ. Kí ló dé tí kò fi yà á lẹ́ẹ̀kan?

A padà sídìí Corolla yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, iná òsì rẹ̀ ò tíì rí sáńpépà rárá. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó gbẹ. Mo ní kó fi èékánná ha ojú rẹ̀ díẹ̀. Ó ṣákálá, ìyẹn ni pé òde ló ti gbó. Ká ní ó dán lóde, tí èéfín sì wà nínú, tàbí tí omi wọ inú rẹ̀, sáńpépà ò ní ràn án. Irú iná bẹ́ẹ̀, mo máa ń sọ fún oníbàárà pé n kò ní gbowó wọn.

A fi pépà tépù fẹ̀lẹ̀ yí iná náà ká, ìpele méjì, kí sáńpépà má bàa ha ọ̀dà bọ́nẹ́ẹ̀tì. A tún na tépù kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní àárín iná gan-an. Apá kan ṣoṣo la ṣe. A fi sáńpépà 800 bẹ̀rẹ̀, omi ń kán sí i, títí omi tó ń jáde fi kúrò ní pípọ́n tó di funfun. Àmì pé kílíà àtijọ́ ti lọ tán nìyẹn. Lẹ́yìn náà 1500, 2000, 3000, bí a bá ń bọ́ sí èyí tó kàn a máa ń yí ọ̀nà tí ọwọ́ ń gbà padà, ká lè rí i bóyá ìlà ti tẹ́lẹ̀ ti tán. Ọmọ náà fẹ́ fo 2000. Mo ní kó nù ún gbẹ kó wò ó, ó rí ìlà 1500 níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì padà sí i. Kọ́ńpáùn ló gbẹ̀yìn, lẹ́yìn rẹ̀ sípíríìtì.

A ṣí tépù àárín. Ìlà kan gún régé láti òkè dé ìsàlẹ̀, òsì rẹ̀ pọ́n, ọ̀tún rẹ̀ mọ́. Fọ́tò kan, ìmọ́lẹ̀ kan, ìṣẹ́jú kan náà. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé a fi fóònù ṣe é. Ẹnu ya onímọ́tò tó dúró tì wá, ó ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ìyàwó òun wá wò ó.

Lẹ́yìn fọ́tò yẹn la ṣe ìdajì tó kù, a nù ún, a sì fọ́n kílíà oní-hadìnà sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ bo imú àti ẹnu yín dáadáa pẹ̀lú ìbomú tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ lọ́dà ń lò bí ẹ bá ń fọ́n ọn, ojú gbangba sì ni kí ẹ wà. Hadìnà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Àwọn tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹ má fi fọ́tò iṣẹ́ ẹlòmíì polówó. Ẹ má lo fíítà kankan, ì báà jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ nìkan. Ẹ lè bo nọ́ńbà ọkọ̀, ìyẹn ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ má fi iná tuntun tí ẹ rà pààrọ̀ kí ẹ wá pè é ní èyí tí ẹ tún ṣe. Mo ti rí i tẹ́nìkan ṣe é.

Ohun tí ẹ ń kọ sábẹ́ fọ́tò

"Títí láé" yẹn. Bí a bá ti ha kílíà ilé iṣẹ́ kúrò, ìhòòhò ni rọ́bà yẹn wà. Bí ẹ bá fi kọ́ńpáùn àti wáàsì nìkan sílẹ̀ bí mo ṣe ṣe ti Alhaji, oòrùn wa níbí lè mú kó pọ́n padà láàárín oṣù díẹ̀, ó sì lè yá ju bó ṣe pọ́n lákọ̀ọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá fi kílíà tuntun bò ó, á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ ọkọ̀ tó ń sùn nínú gáréèjì àti èyí tó ń wà lóòrùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kò lè bára dọ́gba. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2018, lòdì sí kí èèyàn fi irọ́ ta ọjà tàbí iṣẹ́, kò sì yọ oníṣọ́ọ̀bù kékeré sílẹ̀.

Ọmọ Tanke náà pa fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ́. Èyí ló kọ sábẹ́ tuntun: "Corolla. Ìdajì kan la tíì ṣe nínú fọ́tò yìí, ó ti gbẹ, a ò fi fíítà sí i. Sáńpépà, kọ́ńpáùn, lẹ́yìn náà kílíà oní-hadìnà lẹ́ẹ̀mejì. A kì í ṣe èyí tí èéfín rẹ̀ wà nínú. Ẹ gbé e wá ká wò ó ká tó dá owó lé e."