Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Gọ́tà Abẹ́ Ilẹ̀ Róòmù Àtijọ́ àti Omi Tí Ó Dín Àrùn Kù

Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́tótó ìlú àtijọ́ kì í pẹ́ dárúkọ Róòmù. Wọ́n á ní àwọn ará Róòmù gbẹ́ kòtò ńlá sábẹ́ ìlú, wọ́n fa omi wá láti orí òkè, àrùn sì kásẹ̀ nílẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́. Ẹ̀kẹta ni kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́ kò ní mọ ohun tó dín ikú kù gan-an nígbà tó yá.

Ẹ má ṣe rò pé torí àrùn ni wọ́n ṣe gbẹ́ kòtò ńlá Róòmù

Kìlóákà Mákísímà ni wọ́n ń pe kòtò náà. Àfonífojì tó wà láàárín àwọn òkè Róòmù kún fún ẹrẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á dúró síbẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Jésù, láyé àwọn ọba tí ìtàn pè ní Tákúínì, wọ́n la ọ̀nà fún omi náà kí ó lè máa ṣàn lọ sínú odò Tíbà. Bí wọ́n ṣe rí ilẹ̀ gbígbẹ fún Fórọ́ọ̀mù nìyẹn, ojúde tí wọ́n ti ń ná ọjà tí wọ́n sì ti ń ṣèpàdé. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi òkúta bò ó, tí ìdọ̀tí ìlú wá ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Púpọ̀ nínú ilé kò so mọ́ ọn rárá, àwọn onílé sì nídìí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kò ní páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ bíi tòde òní, èyí tí omi máa ń dúró sí láti dí òórùn àti eku lọ́nà. Bí odò Tíbà bá kún, ohun tó wà nínú kòtò á gòkè padà wá bá onílé nínú ilé. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí wọ́n máa lo ṣálángá.

Ní Pọ̀ńpéì, ìlú ayé Róòmù tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀, ẹ lè fojú rí i. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìdáná níbẹ̀, ihò ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní igun, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń dáná, ṣálángá sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń da omi tí wọ́n fi fọ abọ́ àti èèpo oúnjẹ sí. Bó bá kún, àwọn tó ń fi kíkó ìgbẹ́ ṣiṣẹ́ ṣe á wá kó o lọ bá àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n fi ṣe ajílẹ̀. Ẹyin aràn kì í tètè kú nínú ilẹ̀; bí wọ́n bá da ìgbẹ́ tútù sí oko, ewébẹ̀ lè gbé e padà wọlé. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó yẹ ilẹ̀ inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ayé Róòmù wò rí ẹyin aràn inú níbi púpọ̀. Bí kòtò àti ilé ìwẹ̀ bá ti dá àrùn inú dúró ni, a ò bá má rí wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe fi bí omi ṣe pọ̀ tó wọn bó ṣe mọ́ tó

Láti ọdún 312 ṣáájú ìbí Jésù, tí wọ́n fa omi Ápíà wọ ìlú, títí dé ọ̀rúndún kẹta lẹ́yìn ìbí rẹ̀, ọ̀nà omi 11 ni Róòmù ní. Ṣùgbọ́n omi wọn kò dọ́gba. Omi Mákíà wá láti ìsun, ó tutù, ó sì mọ́ gaara. Omi Áníò àtijọ́ wá láti inú odò, bí òjò bá sì ti rọ̀, ẹrẹ̀ ni. Ọdún 97 lẹ́yìn ìbí Jésù ni wọ́n fi Fúróńtínọ́ọ̀sì ṣe olórí iṣẹ́ omi ìlú, ó sì bá omi odò nínú omi ìsun, wọ́n ti dà wọ́n pọ̀. Láyé ọba Nẹ́fà ni wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, kí Mákíà jẹ́ ti mímu, kí Áníò àtijọ́ wà fún ọgbà àti iṣẹ́ ìdọ̀tí.

Ìpinnu tó dára nìyẹn, ojú àti ẹnu sì ni wọ́n fi ṣe é. Ojú kì í rí kòkòrò àìfojúrí.

Ẹ má ṣe ka gbígbé ìdọ̀tí lọ àti mímú omi tó mọ́ wá sí iṣẹ́ kan náà

Àṣìṣe yìí ló pani jù. Hámbọ́ọ̀gì ní Jámánì ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Iná jó àárín ìlú náà ní 1842. Nígbà tí wọ́n ń tún un kọ́, ẹnjiníà ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan, Wílíámù Líńdílì, ṣe gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ fún wọn, èyí tó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti ìgbàlódé ní Yúróòpù. Ẹ̀rọ omi náà dé. Inú odò Élíbè ni wọ́n ti ń fa omi, wọ́n kàn ń jẹ́ kó silẹ̀ díẹ̀ ni, wọn kì í sẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aláṣẹ fi jiyàn lórí owó tí wọ́n máa fi ṣe ibi ìsẹ́mi.

Ní oṣù kẹjọ 1892, àrùn onígbáméjì wọ ìlú. Kòkòrò rẹ̀ bọ́ sínú odò, odò gbé e dé ẹnu páìpù, páìpù pín in kárí ilé. Ó lé ní 8,000 èèyàn tó kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nígbà náà, ìlú Áltónà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hámbọ́ọ̀gì, títì nìkan ló là wọ́n láàárín níbòmíràn. Odò Élíbè kan náà ni Áltónà ń mu, ìsàlẹ̀ odò ló tilẹ̀ ti ń fà á, lẹ́yìn tí ìdọ̀tí Hámbọ́ọ̀gì ti dà sínú rẹ̀. Omi tiwọn ló burú jù. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sẹ́ ẹ gba inú yanrìn, àwọn tó kú níbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nígbà tí Rọ́bẹ́ẹ̀tì Kọ́ọ̀kù, dókítà tó ń ṣèwádìí kòkòrò àrùn, dé láti Bẹ̀lín láti wádìí, ó rí agboolé kan tó wà lórí ilẹ̀ Hámbọ́ọ̀gì ṣùgbọ́n tó ń gba omi Áltónà. Ilẹ̀ kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà, gọ́tà Hámbọ́ọ̀gì náà ni wọ́n ń lò. Onígbáméjì kò mú ẹnì kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń pa àwọn aládùúgbò wọn.

Ẹni tó gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣálángá nínú àgbàlá kan náà, ní Ìbàdàn tàbí níbi yòówù, àṣìṣe Hámbọ́ọ̀gì ló ń tún ṣe, bó ti wù kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ dára tó.

Ẹ má ṣe fi imú wá àrùn

Ní 1858, òórùn odò Tẹ́ẹ́mùsì le ní Lọ́ńdọ̀nù débi pé àwọn aṣòfin kò lè jókòó dáadáa nínú ilé ìgbìmọ̀ wọn. Wọ́n gbà nígbà náà pé òórùn ló ń fa àrùn. Onígbáméjì kò jà lọ́dún yẹn. Omi tó ṣekú pa ará Hámbọ́ọ̀gì kò sì rùn.

Ẹ má ṣe gbàgbé ìsẹ́ yanrìn lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe é

Yanrìn nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Bí omi bá ń rọra gba orí rẹ̀ kọjá, awọ kan tó ń yọ̀ máa ń bo yanrìn lójú, àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké inú rẹ̀ ló sì ń gbá kòkòrò àrùn mú, tí wọ́n ń jẹ wọ́n. Bí awọ náà bá nípọn jù, omi á fà, wọ́n á sì ní láti họ ojú yanrìn. Lẹ́yìn híhọ, ìsẹ́ náà kò lágbára títí awọ tuntun á fi hù. Bí wọ́n bá fi ipá sáré fa omi gbà á, awọ á ya.

Áltónà fúnra rẹ̀ jìyà èyí. Nígbà òtútù tó so 1892 pọ̀ mọ́ 1893, yìnyín bo ibi ìsẹ́mi wọn, ọ̀kan nínú wọn kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí Kọ́ọ̀kù béèrè fún lẹ́yìn náà ni pé kí omi má ṣe sọ̀kalẹ̀ ju mìlímítà 100 lọ ní wákàtí kan, kí wọ́n máa yẹ omi ìsẹ́ kọ̀ọ̀kan wò lójoojúmọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí bí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, omi àwọn tó dára á bo èyí tó bàjẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí tí kòkòrò rẹ̀ bá ju 100 lọ nínú mìlílítà omi kan, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó wọ páìpù.