Bí mo ṣe wá ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ tí ìwé rẹ̀ wà ní Tọ́tólà

Ilẹ̀ ẹbí ìyá mi wà lápá ọ̀nà Ìkìrun, òkúta ló sì kún un. Ilé-iṣẹ́ kan wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ háyà rẹ̀ fún ogún ọdún láti máa fọ́ òkúta níbẹ̀. Olórí ẹbí wa pè mí sí ilé wọn ní Òkè-Baálẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ tó o máa ń bá àwọn lọ́yà ṣe ìwé, bá wa wò ó, ta ló ni ilé-iṣẹ́ yìí gan-an? Ọkùnrin tó ń wá bá wa yẹn, ṣé òun ni ọ̀gá ni, àbí wọ́n rán an ni?" Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ yẹ ìwé wọn wò ná."

Ibi ìwádìí ọ̀fẹ́ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ni mo kọ́kọ́ lọ. Orúkọ wọn wà níbẹ̀, nọ́ńbà RC wọn wà níbẹ̀, àdírẹ́sì wọn ní Èkó náà wà níbẹ̀. Ìyẹn ò tó nǹkan. Mo wá sanwó fún ìwé tí CAC fi ń ṣàlàyé ipò tí ilé-iṣẹ́ wà, torí inú rẹ̀ la ti ń rí àwọn olùdarí àti àwọn tó ni ìpín. Ọkùnrin tó ń wá bá àwọn bàbá wa, ìpín 1 péré nínú 100 ló ní. Ìpín 99 tó kù wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ àpótí ìfìwéránṣẹ́ ní Road Town, ní erékùṣù Tọ́tólà. Ibẹ̀ ni olú-ìlú Àwọn Erékùṣù Wúńdíá ti Brítánì, tí gbogbo èèyàn ń pè ní BVI.

Òfin ilé-iṣẹ́ wa ti ọdún 2020 ní kí ẹni tó bá ní ó kéré tán ìpín 5 nínú 100 fi ara rẹ̀ hàn, CAC sì ti ṣí àkọsílẹ̀ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ fún aráyé ní bor.cac.gov.ng láti ọdún 2023. Mo wò ó níbẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ti Tọ́tólà yẹn náà ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí orúkọ ẹ̀dá alààyè kankan. Mo ti rí irú rẹ̀ rí. Ẹni tó kọ ọ́ máa ń ṣe bíi pé òun ti dáhùn ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ tó wà lókè ni òfin ń béèrè.

Ó kan BVI wàyí. Àwọn ará ibí máa ń ní kò sí nǹkan kan téèyàn lè rí níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ohun tí wọn ò jẹ́ kó o rí ni ìwé àwọn onípìn-ín. Láti January 2025 ni òfin ti ní kí ilé-iṣẹ́ máa fi ìwé yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ojú gbogbo èèyàn. Ìṣirò owó ọdọọdún náà, ọ̀dọ̀ aṣojú tó ń bá ilé-iṣẹ́ ṣe ìwé ní Tọ́tólà ló ń wọlé sí, kì í jáde. Ohun tó o lè rí ni nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà, ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, bóyá ó ṣì wà láàyè, orúkọ aṣojú tó ń gbà á sílé, ìwé òfin ilé-iṣẹ́ náà, àti orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti fi sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Láti 2023, ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ wọn tún lè gba orúkọ àwọn olùdarí tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Lọ́yà kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ló bá mi gba ìwé wọ̀nyí nípasẹ̀ ẹnìkan tó ní àyè síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì yẹn ló kọ́kọ́ kàn. Ti aṣojú ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-iṣẹ́ lè máa lo àpótí kan ṣoṣo, bí ayálégbé ṣe ń lo gèètì kan. Tó o bá rí ilé-iṣẹ́ méjì tí àdírẹ́sì wọn bá ara mu ní Road Town, má torí ìyẹn sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ojúlówó ọ̀rọ̀ wà nínú àtòjọ ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 2019, ìwé ìyípadà orúkọ wà níbẹ̀, ó sì ní orúkọ àtijọ́ nínú. Ní 2022, wọ́n pààrọ̀ aṣojú. Ìwé ẹ̀yáwó tí wọ́n fi dúkìá ṣe ìdúró náà wà, pẹ̀lú orúkọ báńkì tó yá wọn lówó. Kò pọn dandan kí wọ́n fi irú ìwé ìdúró bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ayánilówó máa ń rí i pé ó wọlé, torí ẹni tó kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́. Ìwé tí báńkì fẹ́ kí ayé rí nìyẹn, òun ló sì sọ̀rọ̀ jù nínú gbogbo wọn: ìpín tí ilé-iṣẹ́ Tọ́tólà ní níbòmíràn, títí kan ti Nàìjíríà, wà lára ohun tí wọ́n fi dúró. Tí wọn ò bá san gbèsè, báńkì lè di ẹni tó ni ìpín 99 lára ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ háyà ilẹ̀ wa.

Orúkọ àtijọ́ yẹn ni mo gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ́fíìsì ilẹ̀ Ìlú Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé àtòjọ ilé àti ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè ní ní Íńgíláǹdì àti Wéésì jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ á kàn forúkọ sílẹ̀ ni, wàá sì gbà pẹ̀lú àdéhùn wọn. Mo fi orúkọ tuntun wá a, kò sí. Mo fi ti àtijọ́ wá a, filáàtì kan jáde.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí, nítorí láti 1 August 2022 ni Companies House, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣí àkọsílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó bá ní ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Èyí tó ti ra tirẹ̀ láti 1999 ní láti wá forúkọ sílẹ̀ kí 31 January 2023 tó pé. Wọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó bá ní ju ìpín 25 nínú 100 lọ, tàbí tó ń darí rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń fún wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú OE. Mo rí ilé-iṣẹ́ wa níbẹ̀. Kó tó dá mi lójú, mo wo nọ́ńbà tí wọ́n ní BVI fún un, tí wọ́n kọ sórí ojú ìwé Lọ́ńdọ̀nù náà. Ó bá ti inú ìwé Tọ́tólà mu láti orí dé ìdí. Nọ́ńbà ni ká gbà gbọ́. Ilé-iṣẹ́ méjì lè jẹ́ orúkọ tó jọra ní ìlú méjì, ilé-iṣẹ́ kan náà sì lè jẹ́ orúkọ méjì, bíi tàwọn yìí.

Orúkọ ẹnì kan jáde níbẹ̀, pẹ̀lú oṣù àti ọdún ìbí rẹ̀. Kì í ṣe ọkùnrin tó ń wá sí Òkè-Baálẹ̀. Orúkọ bàbá wọn jọra, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún olórí ẹbí pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, torí kò sí ìwé kankan tó sọ bẹ́ẹ̀.

Irú ọ̀nà yìí kì í sábà ṣí. Ká ní kò sí filáàtì ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ BVI ni ìwádìí mi ì bá parí sí. Ká ní ohun-ìní náà wà lọ́wọ́ alákòóso tó ń tọ́jú rẹ̀ fún ẹlòmíràn, orúkọ alákòóso nìkan ni ǹ bá rí níbẹ̀.

Mo fi ohun tí mo rí han olórí ẹbí àti lọ́yà wa. Lọ́yà béèrè fún ìwé ẹ̀rí tí aṣojú ilé-iṣẹ́ ní Tọ́tólà fúnra rẹ̀ máa ń fọwọ́ sí, èyí tó ń to àwọn olùdarí àti onípìn-ín lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní kó má ju oṣù kan lọ tí wọ́n ti kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ nìkan ló lè ní kí aṣojú rẹ̀ kọ irú ìwé yẹn, àwa òde ò lè lọ gbà á. Ọkùnrin yẹn ní kí a máa fọkàn balẹ̀. Bàbá ní, "A ti fọkàn balẹ̀. Ìwé ló kù."

Ìwé náà dé. Orúkọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà nínú rẹ̀. A fi kún àdéhùn háyà pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onídùúró, àti pé tí ìpín 99 yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, títí kan báńkì, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ẹbí kí oṣù kan tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, háyà náà parí.