Bí Mo Ṣe Rí i Pé Etí Okùn Ló Ń Yan Ohùn

Okùn gìtá kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 65 láti etí kan dé èkejì, tí mo bá sì ta á, ohùn rẹ̀ jẹ́ 110 Hz: ó ń mì lọ, ó ń mì bọ̀, ní ìgbà 110 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fóònù mi lè tú ohùn palẹ̀ kó sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn. Mo rí 220 níbẹ̀, mo rí 330, mo rí 440. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí mi ò fi rí 275. Kí ló lé e jáde? Mo jókòó ti ìdọ́gba ìgbì láti fi ọwọ́ ara mi wá ìdáhùn.

Ìdọ́gba náà rèé. `u` ni bí okùn ṣe jìnnà sí ibi tó máa ń wà bí a ò bá fọwọ́ kàn án, `x` ni ibi tí a ń wò lórí rẹ̀, `t` ni àkókò, `L` ni gígùn rẹ̀:

```
u_tt = c^2 u_xx
u(0,t) = 0
u(L,t) = 0
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ pé ibi tí okùn bá ti tẹ̀ jù ni a ti ń fà á padà jù. `c` ni ìyára ìgbì lórí okùn. Bí a bá ṣe fa okùn le tó àti bí ó bá ṣe fúyẹ́ tó ni ìyára náà ṣe ń pọ̀ tó. Ìlà méjì tó kù ni etí okùn: a so wọ́n, wọn kì í mì. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ bí ẹni kọ àfikún lásán. Mi ò mọ̀ pé inú wọn ni gbogbo ìdáhùn wà.

Ìgbì tí mo ń wá ni èyí tó dúró lójú kan: ìrísí rẹ̀ kì í rìn, gbogbo ara okùn ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lásìkò kan náà, bí oníkálùkù ṣe ga tó nìkan ló yàtọ̀. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ṣeé kọ bí ìrísí tí a fi àkókò sọ di púpọ̀, `u = X(x) T(t)`. Mo fi í sínú ìdọ́gba, mo pín in, ó di:

```
T'' / (c^2 T) = X'' / X = s
```

Apá òsì kò mọ `x`, apá ọ̀tún kò mọ `t`, síbẹ̀ wọ́n dọ́gba níbi gbogbo àti nígbà gbogbo. Kò sí ohun tí wọ́n lè jẹ́ ju nọ́ńbà kan tí kì í yí padà, èyí tí mo pè ní `s`. Ní ti etí okùn, `X(0) T(t)` gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo nígbàkigbà. `T(t)` ò lè máa jẹ́ òdo títí, àfi bí okùn kò bá mì rárá, nítorí náà `X(0)` ló gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Bákan náà ni `X(L)`.

Ibi tí mo ti ṣubú nìyí. Mo mú `s` ní nọ́ńbà tó ju òdo lọ, `s = k^2`, mo sì rí `X = A e^(kx) + B e^(-kx)`. Etí òsì sọ pé `B = -A`. Etí ọ̀tún sọ pé `A (e^(kL) - e^(-kL)) = 0`, ohun tó wà nínú àkámọ́ náà kò sì lè jẹ́ òdo, ló bá di pé `A` fúnra rẹ̀ ni òdo. Okùn tó sùn sílẹ̀ gbalaja! Mo rò pé mo ṣì í pín níbì kan. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, òdo náà ni.

Ìgbà tí mo fi ìṣirò sílẹ̀ tí mo mú pẹ́ńsù ya àwòrán ni ojú mi là. `X'' = k^2 X` túmọ̀ sí pé bí ìlà bá ti wà lókè òdo, òkè náà ni yóò máa tẹ̀ sí. Tó bá kúrò nílẹ̀ ní etí òsì, ṣe ni yóò máa sá lọ, kò ní padà wá bá etí ọ̀tún láéláé. Bí `s` bá jẹ́ òdo, ìlà tó tọ́ tààrà ni a ní, òun náà kò sì lè gbéra nílẹ̀ kó tún padà sílẹ̀. Ìlà tó ń tẹ̀ padà sí òdo nìkan ló lè ṣe é, ìyẹn nígbà tí `s` bá kéré sí òdo. Òdo tí mo ń bínú sí kì í ṣe àṣìṣe, ìdáhùn gan-an ni.

Mo wá mú `s = -k^2`:

```
X = A cos kx + B sin kx
X(0) = A = 0
X(L) = B sin kL = 0
```

Ọwọ́ mi tún fẹ́ kọ `B = 0`, torí ó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ọ̀nà mìíràn wà: `sin kL` fúnra rẹ̀ lè jẹ́ òdo, bí `kL` bá jẹ́ π, 2π, 3π, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn `kL = nπ`, tí `n` jẹ́ odidi nọ́ńbà. Bí `n` bá jẹ́ òdo, okùn tó sùn náà ni a tún rí. Bí ó bá kéré sí òdo, ìrísí kan náà ni, a kàn dojú rẹ̀ délẹ̀. Nítorí náà, 1, 2, 3 sókè ni `n` ń kà. Mo fi `k` sínú apá ti àkókò, iye ìgbà tí ìgbì `n` ń mì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, `f_n`, sì di:

```
f_n = n c / (2L)
```

Pẹ̀lú `L = 0.65` àti 110 Hz, `c` jẹ́ mítà 143 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti 275 ńkọ́? `n` rẹ̀ yóò jẹ́ 2.5, `sin 2.5π` sì jẹ́ 1. Ìgbì náà yóò kúrò ní etí òsì láti òdo, yóò sì dé etí ọ̀tún ní ibi tó ga jù lọ, níbi tí okùn ti wà ní síso. Ohun tó lé e jáde nìyẹn.

Mo fẹ́ fi etí gbọ́ ọ. Bí a bá fa àárín okùn sókè ní mílímítà 3 ká tó jù ú sílẹ̀, ìpín ti ìgbì `n` kọ̀ọ̀kan nínú ìrísí yẹn ni `8h sin(nπ/2) / (n^2 π^2)`, `h` sì ni mílímítà 3 náà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 2.4, ti ẹ̀kẹta kò ju 0.27 lọ, ti èkejì jẹ́ òdo, nítorí pé àárín okùn ni ibi tí ìgbì kejì kì í mì. Mo ta á ní àárín: òkè 220 wálẹ̀ gan-an lójú fóònù. Mo sún ọwọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 13 láti etí, ìdá kan nínú márùn-ún, 220 padà wá, 550 ló rẹlẹ̀ báyìí. Kò parẹ́ tán ṣá, torí ìka mi fẹ̀ ju ojú kan lọ, mi ò sì lè ta á síbi tí ìṣirò sọ gẹ́lẹ́.

Ohun méjì kò bá ìwé mu. Etí okùn kì í dúró pátápátá. Ó ń mì díẹ̀, bí kò bá sì mì, àpótí gìtá ì bá má gba nǹkan kan lọ́wọ́ okùn, a ò bá sì má gbọ́ ohùn tó nípọn. Èkejì ni pé okùn gidi máa ń le díẹ̀ sí títẹ̀, ìdọ́gba wa kò sì ka ìyẹn kún. Ìgbì tó bá kúrú ló ń tẹ okùn jù, nítorí náà àwọn tó wà lókè ló ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Lórí fóònù mi, ìkẹwàá jẹ́ 1103 Hz dípò 1100.