Bí mo ṣe pín àwọ̀ pálọ̀ mi sí 60, 30 àti 10

Òfin 60, 30 àti 10 tí wọ́n fi ń pín àwọ̀ yàrá kò ṣòro láti sọ. Nínú gbogbo àwọ̀ tó wà nínú yàrá, kí ọ̀kan gba ìdá 60 nínú 100, kí èkejì gba 30, kí ẹ̀kẹta gba 10. Bí wọ́n sì ṣe máa ń pín in ni pé ògiri ló ni 60, àga àti kọ́tìnnì ló ni 30, ohun ọ̀ṣọ́ kéékèèké ló ni 10. Ibi tó ti ń rú èèyàn lójú ni ohun tí à ń kà gan-an. Kì í ṣe iye ẹrù. Ìrọ̀rí mẹ́fà lè wà lórí àga, kí gbogbo wọn má sì tó ìdajì kọ́tìnnì kan. Ààyè tí àwọ̀ gbà lójú ẹni tó ń wò ó là ń wọ̀n.

Nítorí náà, mo wọ̀n ọ́n. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àlejò ti máa kọ́kọ́ rí pálọ̀, mo ya fọ́tò kan lọ́sàn-án láìtan iná. Mo wá fa ìlà mẹ́sàn-án lóòró àti mẹ́sàn-án níbùú sórí fọ́tò náà, ó sì di 100 àpótí kéékèèké. Mo ń kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọ̀ méjì bá wà nínú àpótí kan, èyí tó gbà á jù ni mo kọ sílẹ̀. Àwọ̀ tó jẹ́ ẹbí kan náà ni mo kà pọ̀: àjà funfun bọ́ sọ́dọ̀ ògiri kirimu, tábìlì pákó àti ilẹ̀kùn bọ́ sọ́dọ̀ táìlì búráùn tó wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka ilẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ló máa ń tóbi jù lẹ́yìn ògiri.

Kirimu gba 40, búráùn gba 24, àwọ̀ aró náà gba 24: kọ́tìnnì 13, àga gígùn 11. Àpótí 12 tó kù jẹ́ àdàlù: ìrọ̀rí pupa 3, ìkòkò òdòdó aláwọ̀ ewé 2, férémù wúrà 2, tẹlifíṣọ̀n dúdú 5. Ìdí nìyẹn tí pálọ̀ náà kì í fi í jẹ́ kí ojú sinmi. Búráùn àti aró ń bá ara wọn du ipò kejì, kò sì sí èyí tó gbà fún ìkejì rẹ̀.

Èyí tí apá ò ká ni mo kọ́kọ́ fún ní ipò. Mi ò lè hú táìlì, torí náà búráùn ló ni 30, àwọ̀ aró ló ní láti sọ̀kalẹ̀ sí 10. Mo rán kọ́tìnnì kirimu, kirimu wá di 53. Mo wọ aṣọ búráùn fún àga gígùn, búráùn di 35. Ó ti pọ̀ jù, ni mo bá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kirimu kan sáàárín, èyí tó bo àpótí 6 nínú táìlì. Kirimu di 59, búráùn di 29. Kò pọn dandan kó pé 60 géérégé. Ohun tí ojú ń wá ni pé kí èkejì má ju nǹkan bí ìdajì àkọ́kọ́ lọ.

Kọ́tìnnì àtijọ́ ni mo gé fi rán aṣọ ìrọ̀rí. Mo kun férémù, mo sì kun ìkòkò òdòdó, gbogbo wọn di àwọ̀ aró. Ìyẹn 7, tẹlifíṣọ̀n sì jókòó ti 5 tirẹ̀. Ìrọ̀rí wà lápá òsì, férémù lára ògiri, ìkòkò nítòsí fèrèsé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fọ́n wọn ká ni, torí bí àwọ̀ kẹta bá wà lójú kan ṣoṣo, ojú á dúró síbẹ̀, kò ní yí yàrá ká. Àwọ̀ tó bá le, bíi pupa tàbí ọsàn tó ń tàn, máa ń jọ pé ó pọ̀ ju ààyè tó gbà lọ. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ lẹ fẹ́, 5 tàbí 6 ti tó, mi ò ní tì í dé 10.

Kí n tó rán ìrọ̀rí, mo gbé ègé aṣọ aró náà sórí àga nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè, irú èyí tí wọ́n kọ 2700K sí lára, kirimu á pọ́n díẹ̀ sí i, aró á sì ṣókùnkùn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tẹlifíṣọ̀n dọ́gba. Mo pààrọ̀ gílóòbù tó wà lókè àga sí 4000K, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun jù ú lọ, aró náà sì hàn padà.