Ọ́ìlì jíà fún Gọ́ọ̀fù 3 onímánúà

Ẹ̀yin tó ń wa Gọ́ọ̀fù 3 onímánúà tí jíábọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 020, lítà méjì ọ́ìlì jíà 75W-90 ni kí ẹ rà, kí ẹ sì rí i pé GL-4 ni wọ́n kọ sára agolo. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ta GL-5 fún yín pé ó lágbára jù. Lóòótọ́, ó lágbára fún dífù ọkọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n kẹ́míkà inú rẹ̀ lè máa jẹ àwọn òrùka idẹ tó ń mú jíà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó tún máa ń yọ̀ jù, òrùka náà kò ní rí jíà dì mú dáadáa, jíà á wá máa han bí ẹ bá ń pa á dà.

Kí ẹ tó da ti àtijọ́ nù, ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ìlì sí i, èyí tó ń lo sípánà onígun mẹ́fà ìwọ̀n 17. Bí ó bá kọ̀ tí kò tú lẹ́yìn tí ẹ ti da ọ́ìlì nù, ọkọ̀ kò ní lè kúrò níbẹ̀. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà bí ẹ ṣe ń rọ ọ́ìlì tuntun sí i.

Gọ́ọ̀fù 3 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1.4 kì í lo jíábọ́ọ̀sì yìí, nítorí náà iye ọ́ìlì rẹ̀ yàtọ̀.