Òótọ́ tàbí irọ́: ẹ gé gbólóhùn náà kẹ́ ẹ tó dáhùn

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá gbé iṣẹ́ àṣetiléwá ìtàn wálé, kó tó kọ "òótọ́" tàbí "irọ́", ẹ jẹ́ kó fi pẹ́ńsù gé gbólóhùn náà sí wẹ́wẹ́: ta ló ṣe é, kí ló ṣe, nígbà wo, níbo. Kó wá yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò. Ẹni tó ń ṣètò ìbéèrè kì í sábà ba gbogbo gbólóhùn jẹ́. Ibì kan péré ló máa ń yí, ó sì máa ń jẹ́ ìparí, níbi tí ojú ti ń sáré. Ẹ wo èyí: "Ọ̀gágun Gowon ló dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ / ní ọdún 1967, / Ọ̀fà sì ni olú-ìlú rẹ̀." Ẹyọ méjì àkọ́kọ́ dúró, ẹ̀kẹta ló wó, nítorí náà irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹyọ tó wó yẹn nìkan ni kó tún kọ: "Ìlọrin ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Kwara." Kó má kọ "Ọ̀fà kọ́ ni olú-ìlú", ẹni tí kò mọ ìdáhùn náà lè kọ ìyẹn, máàkì rẹ̀ sì lè tibẹ̀ lọ. Ibi tí gígé yìí ò ti ràn wá lọ́wọ́ ni òfin tó ti yí padà. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 2018 á sọ pé ẹni tó fẹ́ di ààrẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 40. Ọdún yẹn ni wọ́n dín in kù sí 35. Níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà.